Bí Màámi ṣe ń bá àwọn ọmọ Àbújá pa àlọ́ lórí fídíò

Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀gbẹ́ni tó ta ẹ̀rọ Wáífáì fún wa ní Àkúrẹ́. ₦35,000 ni mo kà sílẹ̀, yàtọ̀ sí dátà tí mo tún rà sórí rẹ̀. Mo ro ẹjọ́ mi fún un yékéyéké. Mo ní Màámi máa ń pa àlọ́ àpamọ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Àbújá lórí fídíò Wásáàpù, pé bó bá ti ní "Àlọ́ o!", tí àwọn ọmọ sì dáhùn "Àlọ̀!", ṣe ni ohùn rẹ̀ á pòórá. Àlọ́ á délẹ̀, wọn ò ní gbọ́ ju ìdajì lọ. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò tilẹ̀ béèrè pé kí n gbé fóònù wá kó wò ó. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ó gbé ẹ̀rọ lé mi lọ́wọ́, ó gba owó.

A délé, a tan ẹ̀rọ, àwòrán mọ́ kedere. Ohùn ṣì ń pòórá.

Bí wọ́n ṣe ń pe fídíò kò ṣòro, ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọ̀rọ̀ ohùn yìí ló fẹ́ ba eré náà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, torí kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ń fà á fún wa, títí ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa fi ṣàlàyé rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Fóònù Màámi wà lórí sípíkà, torí kò fẹ́ máa gbé e sétí. Ohùn àwọn ọmọ ń ti sípíkà jáde, ó sì tún ń padà wọ máìkì fóònù kan náà. Bí fóònù bá jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ á máa gbọ́ ohùn ara wọn padà, bí ìgbà téèyàn bá pariwo láàárín òkè Ìdànrè. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, fóònù á máa yọ ohùn tó ń ti sípíkà jáde kúrò nínú èyí tó ń gbé ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí wàhálà. Bí tọ̀tún tòsì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, kì í lè ya ohùn méjèèjì sọ́tọ̀ dáadáa, á wá yọ ti Màámi mọ́ ti àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀, ta ló ń pa àlọ́ tí àwọn tó ń gbọ́ ọ ń panu mọ́?

Ọ̀nà téèyàn lè fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀ rèé. Bó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwòrán á máa dúró gbagidi, ohùn á máa já, kódà bó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ sípíkà, àwòrán á dára, ọ̀rọ̀ á dá ṣáká bí ẹ bá ń gbà á sọ fún ara yín, kìkì ìgbà tí ẹ bá jọ sọ̀rọ̀ ni ohùn ẹnì kan á rì. Ẹ fi èyí dán an wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ohun tó tún tiwa ṣe ni ìyáàfíìsì olókùn tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó wọ etí Màámi, sípíkà dákẹ́, máìkì ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́ yàtọ̀ sí ohùn tirẹ̀. Lápá Àbújá, fóònù kan ni àwọn ọmọ méjèèjì jọ ń lò, wọn ò lè pín ìyáàfíìsì, ni mo bá ní kí wọ́n rẹ sípíkà tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n sì sún mọ́ fóònù.

Ṣùgbọ́n ó ku ẹyọ kan tí ìyáàfíìsì ò lè tún ṣe. Ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀hún, nítorí náà, "ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló jẹ" kò lè jẹ́ òtítọ́ lórí fídíò. Àwọn ọmọ á ní àwọn ti sọ ọ́, Màámi á ní òun ò gbọ́, ìjà dé. A wá fi bébà dípò ẹnu. Oníkálùkù mú bébà àti máákà dúdú tó nípọn, á kọ ìdáhùn rẹ̀ gàdàgbà, Màámi á ka ení dé àrùn-ún, gbogbo wọn á sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí àbúrò kọ́kọ́ fẹ́ sunkún torí ó rí ìkọ̀wé rẹ̀ lódìlódì lójú fóònù tiwọn. Lójú tirẹ̀ nìkan ló ṣe rí bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ ni Màámi ń rí i.

Láti ìgbà yẹn ni eré ti dùn. Màámi ní, "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Èyí ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 11, kọ "ẹja". Àbúrò kọ "ọkọ̀". Màámi dìde, ó lọ sílé ìdáná, ó mú omorogùn tí àmàlà gbẹ mọ́ lára wá síwájú kámẹ́rà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún un pé kó to nǹkan tó jẹ́ ìdáhùn sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a tó pè.

Ti ìbéèrè ìmọ̀, ohun tí mo rí ni pé kí àgbà béèrè ohun tó ṣojú rẹ̀. Màámi bi wọ́n pé, "Nígbà tí mo bí bàbá yín ní 1982, ìpínlẹ̀ wo ni Adó-Èkìtì wà?" Àwọn méjèèjì kọ Èkìtì, pẹ̀lú ìdánilójú. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára rẹ̀. Wọ́n sáré lọ wò ó, wọ́n padà wá, wọ́n ní, "Màmá Àkúrẹ́, ẹ jàre."

Èyí tí mo fi ń yangàn jù ni eré ọ̀rọ̀ tí mo gbé kalẹ̀ fúnra mi. Fáwẹ̀lì tí ọ̀rọ̀ kan bá parí sí ni ọ̀rọ̀ tó kàn á fi bẹ̀rẹ̀, a kì í ka àmì ohùn, ṣùgbọ́n e kì í ṣe ẹ, o kì í ṣe ọ. Ìwé, ejò, òkè, etí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ, títí ẹ̀gbọ́n fi sọ pé "iṣu", tó sì káwọ́ gbera. Ó mọ̀ pé nínú Yorùbá tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn níléèwé, kò sí ọ̀rọ̀ tó fi u bẹ̀rẹ̀. Ó ti pa eré nìyẹn. Màámi ní, "Ulé!"

Ariwo sọ. Wọ́n ní kò sí nínú ìwé. Màámi ní ilé ni, pé ulé làwọn ń pè é l'Ákùúrẹ́ káwọn tó bí bàbá wọn, pé ọdún Ulefunta tí Dèjì ń ṣe ńkọ́, ṣé i ló fi bẹ̀rẹ̀ ni? Mo fi òfin kan parí ìjà: a gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ka èdè, bí ẹni tó sọ ọ́ bá lè fi ṣe gbólóhùn. Ní báyìí, àwọn ọmọ ń pe Màámi láàárín ọ̀sẹ̀ láti wá ọ̀rọ̀ onú-u. Uṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kó mọ́rí.

Àlọ́ àpagbè nìkan la ò tíì rí ọ̀nà gbé e gbà. Kí ègbè àwọn ọmọ tó dé, Màámi ti bọ́ sí orin kejì, ìyáàfíìsì tàbí kò sí ìyáàfíìsì. A ti fi tọ̀ún sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá wálé fún Kérésì.