Àkàrà tó jó, àkàrà tó tẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo fọ́tò yìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú, inú rẹ̀ ò tíì jinná."

Iná ti pọ̀ jù. Ẹ sọ ègé àlùbọ́sà kan sínú òróró. Tó bá ń hó yí ká tó sì léfòó, ẹ máa dín in lọ. Tó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ẹ dín iná kù, kí ẹ sì dúró díẹ̀.

"Tèmi ò jó, àmọ́ ó ní nǹkan dúdú wínníwínní lára."

Èérún tó ti jó sínú òróró ni. Ẹ fi asẹ́ kó o kúrò kí ẹ tó da òmíràn sí i.

"Ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ, ibẹ̀ nìkan ló sì jó."

Òróró kò tó! Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ èyí. Àkàrà gbọ́dọ̀ léfòó ni, kò gbọdọ̀ jókòó sídìí agbada. Ẹ má ṣọ́ òróró lò níbí. Ẹ sẹ́ èyí tó bá kù, kí ẹ fi se ọbẹ̀.

"Mo pò ó dáadáa o. Àwọn tí mo kọ́kọ́ dín wú rọ̀bọ̀tọ̀, àwọn tó kẹ́yìn tẹ́ pẹrẹsẹ."

Ẹ ṣeun tí ẹ ya fọ́tò gbogbo àwo náà, torí àwọn tó kẹ́yìn gan-an ló ń jẹ́rìí. Ìṣòro yìí da èmi alára láàmú pẹ́. Ẹ̀wà mi rẹ dáadáa, mo bó o mọ́, omi tí mo fi lọ̀ ọ́ ò ju èyí tí ẹ̀rọ fi lè yí lọ. Mo pò ó títí apá fi ń ro mí. Mo tiẹ̀ máa ń kán díẹ̀ sínú ife omi tútù: tó bá rì, atẹ́gùn ò tíì wọ inú rẹ̀ tó; tó bá léfòó, ó ti yá. Tèmi ń léfòó. Agbada àkọ́kọ́ á dára, tó bá di ìkẹta, á tẹ́. Mo pààrọ̀ ẹ̀wà, mo yí iná padà, ibì kan náà là ń bọ̀.

Ìyá alákàrà kan ní ìkóríta wa ni mo lọ jókòó tì. Abọ́ ńlá rẹ̀ kò ní iyọ̀, kò ní àlùbọ́sà. Ìwọ̀n tí agbada kan gbà ló ń bù sínú abọ́ kékeré. Ibẹ̀ ló ti ń fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà gígé sí i, á tún un pò, á sì máa dà á sóróró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí iyọ̀ bá ti kan àlùbọ́sà, omi á máa sun jáde lára rẹ̀. Bí abọ́ ṣe ń dúró ni ẹ̀wà ń ṣàn, tí atẹ́gùn tí ẹ pò sínú rẹ̀ ń lọ. Ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀, agbada ìkẹyìn á wú bíi ti àkọ́kọ́.

"Èyí tó ti ṣàn báyìí ńkọ́? Ṣé kí n fi fúláwà sí i?"

Rárá o, á le, adùn ẹ̀wà á sì lọ. Bí ẹ bá ṣì ní ẹ̀wà bíbó nílẹ̀, ẹ lọ ẹ̀kúnwọ́ kan kó ki, kí ẹ pò wọ́n pọ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi ata àti òróró sí i, kí ẹ fi ṣe mọ́ínmọ́ín.

"Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀, ó ṣì ń rì nínú omi."

Ẹ bu díẹ̀ lọ bá alákàrà kó fọwọ́ kàn án, kí ẹ tó tún ra ẹ̀wà míì. Fọ́tò ò lè fi hàn mí bó ṣe kúnná tó, èyí tí kò bá sì kúnná, kò sí pípò tó lè gbé e.