Kúkà gáàsì fún ilé ènìyàn mọ́kànlá ní Àgbádárìgì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ènìyàn mọ́kànlá là ń jẹun nílé wa ní Ajárá. Sílíńdà kílò 12.5 tó máa ń pé oṣù kan tẹ́lẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́, ìdí ìkòkò sì ń dúdú. Mo fẹ́ ra kúkà mìíràn. Èwo ni kì í jẹ gáàsì?

Ìdáhùn: Má tíì ná owó yẹn, àbúrò mi. Ìkòkò tó ń dúdú ló jẹ́ kí n fura sí nọ́sù. Ti gáàsì pa láti orí sílíńdà, jẹ́ kí kúkà tutù, kí o wá ṣí ìdérí bọ́nà tí o ń lò jù. Wàá rí idẹ kékeré kan nínú ihò ìsàlẹ̀, òun ni nọ́sù, ojú abẹ́rẹ́ kan wà láàárín rẹ̀, wọ́n sì fín nọ́ńbà sí i lára. Nọ́ńbà yẹn ni fífẹ̀ ihò náà: 85 túmọ̀ sí 0.85 mílímítà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi nìyí. Bọ́nà ńlá dí, mo pe ẹnì kan, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó ń yí i ṣáá. Iná ràn, inú mi dùn. Àṣé idẹ rọ̀, ihò tó wà ní 0.85 ti fẹ̀ dé nǹkan bí mílímítà kan. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n gáàsì tó ń gba ibẹ̀ jáde fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó dàpọ̀ mọ́ ọn kò tó mọ́, iná wá pọ́n, ó ń lá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó ń kun ún ní dúdú. Gáàsì ọgbọ̀n ọjọ́ á wá di ti ọjọ́ méjìlélógún. Ṣé o rí i pé ó jọ ìṣirò tìẹ?

Ra nọ́sù tuntun tó ní nọ́ńbà kan náà tí wọ́n fín sí ti àtijọ́, jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ dè é, kó fi ìfófòó ọṣẹ dán oríkèé rẹ̀ wò. Èyí tó bá dí lásán, omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí o rẹ ẹ́ sí, kí o fẹ́ ẹ. Má ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́.

Ní ti kúkà tí kì í jẹ gáàsì, bọ́nà kílówáàtì mẹ́ta ń jó nǹkan bí gíráàmù 230 ní wákàtí kan, orúkọ yòówù kó wà lára rẹ̀. Bí ẹ̀wà bá ti hó, gbé e lọ sórí bọ́nà kékeré. Ibẹ̀ ni owó wà.

Ìbéèrè: Bí mo bá tilẹ̀ máa ra tuntun, orúkọ wo ni kí n mú? Ẹlòmíràn ní kí n ra tòkunbọ̀, pé ó lágbára jù.

Ìdáhùn: Scanfrost, Maxi, Thermocool, o máa rí gbogbo wọn. Èmi kì í ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ṣí ìdérí bọ́nà nínú ṣọ́ọ̀bù, wo abẹ́ rẹ̀. Bí o bá rí SABAF, ilé iṣẹ́ Ítálì kan ló ṣe bọ́nà yẹn, oríṣiríṣi kúkà ló sì ń lò ó, nítorí náà ó rọrùn láti rí ìdérí mìíràn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ya fọ́tò rẹ̀, fi han àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara kúkà ní Alábà kí o tó sanwó. Ẹni tó bá ní kò sí ti gbà ọ́ lọ́wọ́ wàhálà ọdún méjì.

Fún ènìyàn mọ́kànlá, mú èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó ní bọ́nà márùn-ún, tí irin tí ìkòkò ń jókòó lé jẹ́ irin dídà tó wúwo. Tẹ́ẹ́rẹ́ á tẹ̀ lábẹ́ ìkòkò àmàlà. Gbé ìkòkò ńlá rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ṣe é, wọ́n rẹ́rìn-ín. Má ra èyí tí ojú kan rẹ̀ jẹ́ ti iná Nẹ́pà, torí ojú yẹn kò ní wúlò fún ọ lọ́jọ́ tí iná bá lọ. Afẹ́fẹ́ òkun wa níbí sì ń jẹ irin: mú mágínẹ́ẹ̀tì dání, gbé e sórí ojú kúkà tó ń dán. Èyí tí kò bá gbá a mú ló máa ń pẹ́ dípẹtà jù.

Tòkunbọ̀ lè wuyì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ṣe fún gáàsì inú páìpù ìlú òyìnbó. Nọ́sù wọn fẹ̀ ju ti gáàsì sílíńdà lọ, iná pípọ́n kan náà nìyẹn. Bí o kò bá rí nọ́sù tirẹ̀ pààrọ̀, fi sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ààrò ìsàlẹ̀ ń kú bí mo bá ti tú ọwọ́ sílẹ̀ lára kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ìdáhùn: Ọ̀pá tín-ín-rín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà tó ń gbọ́ ooru, òun ló ń di gáàsì mú ní ṣíṣí. Bí kúkà bá tutù, fi aṣọ gbígbẹ nu orí rẹ̀, kí o sì rí i pé iná ń kàn án. Tẹ kọ́kọ́rọ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí o tó tú ọwọ́. Bó bá tún kú, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá náà ti bàjẹ́. Tú u, kí o mú un dání lọ ra irú rẹ̀, nítorí gígùn wọn kò dọ́gba.