Ìrora abẹ́ ìhà ọ̀tún lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá: níbo ni òkúta inú àpò òróòro há sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ẹni ọdún 42 ni mí, mo sì ti bímọ mẹ́ta. Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí ó fi jẹ́ pé bí mo bá jẹ oúnjẹ tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀ ní alẹ́, ìrora yóò mú mi lábẹ́ ìhà ọ̀tún ní òru, yóò sì gbà dé ẹ̀yìn èjìká. Ó máa ń tó wákàtí méjì, n óò bì, lẹ́yìn náà yóò lọ pátápátá. Oògùn ọgbẹ́ inú ni mo ń lò, ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan. Kí ni ó lè jẹ́?

Ìdáhùn: Àpò òróòro ni mo kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe àpòlúkù. Ìrora ọgbẹ́ inú sábà máa ń ta ni díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ kan sí èkejì, oògùn tí ń pa ásíìdì a sì máa dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Èyí tí ẹ sọ yìí ní àkókò tí ó ń bẹ̀rẹ̀ àti àkókò tí ó ń parí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìnira kankan láàárín ìgbà kan sí ìgbà mìíràn. Bí òkúta inú àpò òróòro ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe omi òróòro, ó sì ń ṣe tó ìdajì lítà sí lítà kan lójúmọ́. Apá kan nínú rẹ̀ ń lọ sínú àpò kékeré kan tí ó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀, tí kò gbà ju nǹkan bí 30 sí 50 mílílítà lọ, níbi tí àpò náà ti ń fa omi inú rẹ̀ kúrò títí yóò fi ki. Bí ọ̀rá inú oúnjẹ bá ti dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, ìfun yóò tú họ́mónù kan sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mónù náà yóò sì mú kí àpò òróòro fún ara rẹ̀ pọ̀, kí òróòro lè jáde lọ bá ọ̀rá náà. Bí òkúta bá wà nínú àpò, fífún yìí ni yóò tì í lọ sí ọrùn àpò, níbi tí ọ̀nà ti há. Àpò yóò máa fún, òkúta yóò sì dí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni ń fún ìgò rọ́bà tí ìdérí rẹ̀ kò ṣí. Agbára tí kò rí ibi gbà jáde yìí ni ìrora náà.

Ìdí nìyí tí kì í fi í bẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń jẹun lọ́wọ́, bí kò ṣe lẹ́yìn wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì fi máa ń bọ́ sí òru. Kì í lọ kí ó tún bọ̀ bí inú rírun tí ìgbẹ́ gbuuru ń fà. Ńṣe ni ó ń ga sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí yóò sì dúró síbẹ̀ láìdẹ̀, tí ẹni tí ó mú yóò máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún tí kò ní rí bí yóò ṣe sùn. Nígbà tí àpò bá dẹ̀, òkúta yóò padà jábọ́ sínú rẹ̀, ìrora yóò sì parí. Gbogbo rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí mẹ́fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wákàtí mẹ́fà yẹn sọ́kàn, nítorí òun ni mo máa padà sí.

Ní ti ohun tí ó ń fa òkúta náà, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tí ó pọ̀ ju ohun tí òróòro lè yọ́ lọ ni ó sábà máa ń dì. Oyún níní máa ń mú kí àpò náà lọ́ra láti tú, ara sísanra a sì máa dá kún un, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ènìyàn fọn lójijì. Àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tún lè ní irú òkúta mìíràn, dúdú, tí ó ń wá láti inú ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó ń fọ́, kódà láti kékeré.

Ìbéèrè: Mo ti lọ ṣe síkáànù. Wọ́n kọ ọ́ pé òkúta bíi mélòó kan wà, èyí tí ó tóbi jù jẹ́ mìlímítà 12, ó sì ń yí kiri. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi dára látòkè délẹ̀. Ṣé àwọn méjèèjì kò ta ko ara wọn?

Ìdáhùn: Wọn kò ta ko ara wọn rárá, ìròyìn ayọ̀ ni ó tilẹ̀ jẹ́. Ìró tí ẹ̀rọ náà ń rán wọ inú ara kò lè la òkúta kọjá, nítorí náà òkúta a máa funfun lójú ẹ̀rọ, òjìji dúdú a sì máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ má jẹun fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó wá, kí àpò náà lè kún kí ó sì hàn kedere. Wọ́n tún ní kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí wọ́n lè rí i bóyá ohun tí wọ́n ń wò yóò yí. Èyí tí ó bá yí jẹ́ òkúta tí ó wà lómìnira. Èyí tí kò bá kúrò lójú kan lè jẹ́ ẹran kékeré tí ó hù mọ́ ara àpò, tàbí òkúta tí ó ti há sí ọrùn rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ yín dára nítorí pé òkúta kò tí ì kúrò nínú àpò. Òróòro tí ó ń ti inú ẹ̀dọ̀ bọ̀ ní ojú ọ̀nà ńlá tirẹ̀ tí ó gbà dé ìfun, ẹ̀ka ọ̀nà yẹn sì ni àpò wà. Bí ẹ̀ka bá dí, ọ̀nà ńlá ṣì ń ṣàn. Síbẹ̀ síkáànù yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: ó ń rí inú àpò dáadáa, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ìfun a máa bo ìsàlẹ̀ ọ̀nà ńlá mọ́ ọn lójú, nítorí náà òkúta lè wà níbẹ̀ kí ó má rí i. Bí ìwé yín bá sọ pé ọ̀nà ńlá fẹ̀ ju mìlímítà mẹ́fà lọ, tàbí tí bilirúbìn, èyí tí ń fún òróòro ní àwọ̀, bá ga nínú ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀rọ tí ń lo agbára òòfà ni ó kàn. Fọ́tò egungun lásán kì í rí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú òkúta wọ̀nyí, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn tàn yín.

Ìbéèrè: Báwo ni n óò ṣe mọ ìgbà tí kì í ṣe ìrora tí mo lè fara dà sílé mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ wo aago. Ọkùnrin kan wà tí a gbà sí wọ́ọ̀dù wa, tí ìrora rẹ̀ ti ń lọ tí ó ń bọ̀ bíi ti yín fún ìgbà pípẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ó sì rò pé yóò lọ bí ó ṣe máa ń lọ. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́fà ìdájí, kò lọ. Ńṣe ni ó ti kúrò ní ìrora inú lọ́hùn-ún tí kò ṣeé fi ìka tọ́ka sí, tí ó di èyí tí ó mú ojú kan lábẹ́ ìhà. Ìgbóná ara rẹ̀ ti dé 38.4. Nígbà tí mo tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún rẹ̀ tí mo sì ní kí ó mí sínú, èémí náà dá gbà mọ́ ọn láyà ní àárín méjì, kò lè mí in tán. Síkáànù fi òkúta kan hàn ní ọrùn àpò tí kò yí nígbà tí ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ara àpò náà sì ti wú láti mìlímítà mẹ́ta tí kò yẹ kí ó jù lọ, ó di mẹ́fà. Òkúta ti kọ̀ láti jábọ́ padà, àpò sì ti gbiná. A dá oúnjẹ ẹnu dúró, a fún un ní omi àti oògùn apakòkòrò sínú iṣan, wọ́n sì yọ àpò náà kí ó tó kúrò ní ilé ìwòsàn.

Èyí tí ó bá bọ́ sínú ọ̀nà ńlá ní àmì tirẹ̀. Ojú yóò pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, ìtọ̀ yóò dúdú, ìgbẹ́ yóò sì pàdánù àwọ̀ rẹ̀, yóò funfun, nítorí òróòro tí ń fún un ní àwọ̀ kò dé ìfun mọ́. Bí ibà àti òtútù tí ń gbọ̀n ni bá dara pọ̀ mọ́ èyí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kí ẹ ti dé ilé ìwòsàn, torí pé kòkòrò ti wọ inú omi tí kò ṣàn, ó sì lè tètè tàn wọ ẹ̀jẹ̀.

Páńkíríà, ẹ̀yà ara tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù, náà ń da omi tirẹ̀ sí ìfun ní ìtòsí ẹnu ọ̀nà kan náà. Bí òkúta bá há síbẹ̀, ìrora yóò wà ní òkè ikùn ní àárín, yóò sì la ẹ̀yìn já, èébì kò sì ní dáwọ́ dúró. Àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù òkúta ńlá, ṣùgbọ́n lójú tèmi, wẹ́wẹ́ ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù níhìn-ín, nítorí òun ni ó lè gba ọ̀nà tóóró kọjá dé ibi tí yóò ti ṣe ibi.

Bí ìrora òkè ikùn bá wá pẹ̀lú òógùn tútù, àyà tí ó le tàbí èémí tí kò délẹ̀, ẹ má ṣe pè é ní ti òkúta kí wọ́n tó yẹ ọkàn yín wò. Àìsàn ọkàn a máa fara jọ ọ́.

Ìbéèrè: Ojú abẹ ń bà mí lẹ́rù. Ẹnìkan ní kí n mu òróró ólífì pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́, pé òkúta yóò jáde. Ṣé ìyẹn tàbí kí n kàn yẹra fún ọ̀rá kò tó?

Ìdáhùn: Àwọn kóró rírọ̀ aláwọ̀ ewé tí àwọn tí ó mu ún ń rí nínú ìgbẹ́ kì í ṣe òkúta. Òróró tí wọ́n mu ni ó dì pọ̀ di bí ọṣẹ nínú ìfun. Ẹni tí ó bá tún ṣe síkáànù lẹ́yìn rẹ̀ yóò bá òkúta rẹ̀ níbi tí ó wà. Ẹ tún rántí pé ọ̀rá ni òróró. Bí ẹ bá mu ife kan rẹ̀, ẹ ti pàṣẹ fún àpò náà pé kí ó fún ara rẹ̀ pọ̀ nìyẹn.

Dídín ọ̀rá kù wúlò, nítorí ó ń dín fífún náà kù, ṣùgbọ́n kì í yọ́ òkúta. Ẹ má fi ebi pa ara yín nítorí rẹ̀, torí òróòro tí kò rí ìdí tí yóò fi jáde a máa ki sí i. Oògùn kan wà tí ń yọ́ òkúta kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tí ó kéré, ṣùgbọ́n ó lè gbà tó ọdún kan tàbí méjì, òkúta sì máa ń padà fún nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó lò ó láàárín ọdún márùn-ún. Mìlímítà 12 yín ti tóbi jù fún un.

Bí ó bá jẹ́ pé òkúta wà tí kò dùn yín rí, n kò ní sọ̀rọ̀ abẹ fún yín, nítorí ọ̀pọ̀ jù lọ irú wọn kì í dá ẹni tí ó ni wọ́n láàmú láéláé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ni sábà máa ń padà. Àpò náà lápapọ̀ ni wọ́n máa ń yọ, kì í ṣe òkúta nìkan, torí pé bí àpò bá ṣẹ́ kù, yóò tún ṣe òmíràn. Ihò kéékèèké mélòó kan ni wọ́n ń gbà wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà, ọ̀pọ̀ sì ń lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Ewu tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń ṣọ́ra fún jù ni kí wọ́n má ṣe ọ̀nà ńlá léṣe. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè bí wọ́n ṣe ń yẹra fún un. Lẹ́yìn náà, òróòro yóò máa kán tààrà sínú ìfun. Ìgbẹ́ àwọn kan a máa ṣàn díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn a sì padà sí bí wọ́n ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, dikilofẹ́nààkì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìrora yìí, àyàfi bí ẹ bá ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí oyún. Níwọ̀n bí ẹ ti ń lo oògùn ọgbẹ́ inú, ẹ jẹ́ kí dókítà tí ó wà nítòsí yín kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọgbẹ́ náà wà ní tòótọ́, kí ẹ tó fi ọwọ́ kan án.