Ìrírí Mi Lórí Ìbéèrè Dẹ́ńsítì Kan: Fígọ̀ Mélòó Ló Yẹ Kó Kù?

Wọ́n yọ máàkì mi lórí ìbéèrè tí mo ṣe dáadáa, ìyẹn ló mú mi kọ èyí. Mo kọ 8.0, ìwé ìdáhùn ní 7.96. Ẹni tó máàkì iṣẹ́ náà fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Fígọ̀ mẹ́ta." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi ò tíì rọ̀ di ìsinsìnyí, nítorí 7.96 yẹn gan-an ni kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Bí ìbéèrè náà ṣe lọ nìyí. Wọ́n kó bọ́ọ̀lù irin kéékèèké márùn-ún tí wọ́n rí bákan náà sórí òṣùwọ̀n, ó jẹ́ gíráàmù 28.64. Wọ́n bu omi sínú ife oníwọ̀n, omi náà dúró ní mílílítà 50.0. Wọ́n kó bọ́ọ̀lù márààrún sínú omi, ó gòkè dé 53.6. Wọ́n ní ká wá dẹ́ńsítì irin náà, ká wá dayámítà bọ́ọ̀lù kan, ká sì sọ ìpín nínú ọgọ́rùn-ún tí dẹ́ńsítì tí a rí fi yàtọ̀ sí 7.87 tí ìbéèrè fún wa. Wọ́n ní kí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní iye fígọ̀ tó yẹ ẹ́.

Mi ò ní fi bí a ṣe ń wá dẹ́ńsítì dá ẹnikẹ́ni dúró. Gíráàmù ni a ó pín fún mílílítà, ó parí. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni iye fígọ̀ tó yẹ ká fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ìṣirò bá ti da fígọ̀ rẹpẹtẹ sílẹ̀ fún wa.

Ohun tí ẹni tó kọ ìwé ìdáhùn ṣe hàn kedere. Ó wo nọ́ńbà mẹ́ta tó wà nínú ìbéèrè. 28.64 ní fígọ̀ mẹ́rin tó ní láárí, 50.0 ní mẹ́ta, 53.6 náà ní mẹ́ta. Mẹ́ta ló kéré jù, nítorí náà ó fi mẹ́ta sílẹ̀. Òfin tó lò kì í ṣe irọ́: bí a bá ń sọ nọ́ńbà di púpọ̀ tàbí tí a ń pín wọn, èyí tí fígọ̀ rẹ̀ kéré jù ni ìdáhùn ń tẹ̀ lé. Àmọ́ 50.0 àti 53.6 kò dé ibi tí a ti ń pín rárá. Ohun tó dé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ àárín wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ rí ìyàtọ̀ yẹn ní láti yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì kó tó pín nǹkan kan. Yíyọ kúrò ní òfin tirẹ̀, àròpọ̀ náà sì ń tẹ̀ lé òfin kan náà. A kì í ka iye fígọ̀ níbẹ̀, ibi tí fígọ̀ tó gbẹ̀yìn dúró sí lẹ́yìn pọ́íǹtì ni a ń wò. Àwọn méjèèjì dúró ní ipò kìn-ín-ní lẹ́yìn pọ́íǹtì, ìyàtọ̀ wọn náà yóò dúró síbẹ̀: 53.6 yọ 50.0 jẹ́ 3.6. Fígọ̀ méjì péré ló kù. Ìkẹta ti lọ, nítorí 5 tó wà níwájú àwọn méjèèjì ti pa ara wọn jẹ.

Kí 3.6 tó lè di 3.60, ẹnì kan ní láti ti ka omi náà dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílílítà. Kò sí ẹni tó kà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wá pín 28.64 fún 3.6, ẹ̀rọ ní 7.9555 títí lọ, fígọ̀ méjì sì ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó di 8.0.

Mo mú un tọ ẹni tó máàkì iṣẹ́ náà lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kò ní gba àkókò, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ó ti há. Ó gbà pé òfin yíyọ kúrò wà, ó ní òun náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ìbéèrè fún wa ni à ń kà, kì í ṣe nọ́ńbà tí a rí lójú ọ̀nà. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ìyẹn sí hàn mí. Ó ní bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá ju òkò tó le jù: ó ní bí fígọ̀ méjì bá ni òdodo, kí ló dé tí mo kọ 1.11 sẹ̀ǹtímítà fún dayámítà bọ́ọ̀lù, tí mo fi fígọ̀ mẹ́ta síbẹ̀? Ó ní ibi tó bá wù mí ni mo ń lo òfin.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí mi ò lo òfin bó ṣe wù mí. Mo rí i pé tí a bá ń fi òfin bá òfin jà, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa níbẹ̀. Mo pa òfin tì, mo padà sọ́dọ̀ omi inú ife.

Ẹni tó bá kọ 50.0 ń sọ fún wa pé omi náà wà láàárín 49.95 àti 50.05. Ẹni tó kọ 53.6 ń sọ pé ó wà láàárín 53.55 àti 53.65. Bí omi àkọ́kọ́ bá pọ̀ tó bó ṣe lè pọ̀ mọ, tí èkejì sì kéré tó bó ṣe lè kéré mọ, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 3.50. Bí a bá yí i padà, ó jẹ́ 3.70. Ẹ pín 28.64 fún 3.70, ẹ ó rí 7.74. Ẹ pín in fún 3.50, ẹ ó rí 8.18. Níbikíbi láàárín 7.74 àti 8.18 ni dẹ́ńsítì irin náà lè wà. Ipò kìn-ín-ní lẹ́yìn pọ́íǹtì pàápàá kò dúró sójú kan, ó lè fi nǹkan bíi 2 lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Nígbà tó rí báyìí, 6 tó wà ní ìparí 7.96, ta ló rí i? Odo inú 8.0 ni fígọ̀ tí iyèméjì wà lórí rẹ̀, fígọ̀ tó gbẹ̀yìn sì ni iyèméjì yẹ kó máa gbé.

Ẹ má sì ju odo yẹn nù o. Ẹ̀rọ ìṣirò kì í kọ ọ́, 8 lásán ni yóò hàn tí ẹ bá ní kó gé nọ́ńbà náà kúrú. Ẹni tó bá kọ 8 ń sọ pé dẹ́ńsítì náà wà láàárín 7.5 àti 8.5, ohun tí a mọ̀ sì jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ọ̀nà kan náà ni mo gbà dáhùn ọ̀rọ̀ dayámítà, inú mi sì dùn sí i jù. Bọ́ọ̀lù kan gba 3.6 pín sí 5, ìyẹn 0.72 mílílítà. 5 yìí kò dín fígọ̀ kankan kù, nítorí kíkà ni a kà á, a kò wọ̀n ọ́n; bọ́ọ̀lù kì í jẹ́ márùn-ún ó lé díẹ̀. Láti inú 0.72 ni a ti ń wá dayámítà pẹ̀lú rúùtù kẹta. Rúùtù kẹta máa ń sọ iyèméjì di ìdá kan nínú mẹ́ta: èyí tó tó nǹkan bí ìpín 2.8 nínú ọgọ́rùn-ún lórí omi kò tó ìpín 1 mọ́ lórí dayámítà. Mo fi 3.50 àti 3.70 gba ojú ọ̀nà náà kọjá, dayámítà bọ́ sí àárín 1.10 àti 1.12. Ìdí tí mo fi kọ 1.11 nìyẹn. Ká ní mo tẹ̀ lé òfin kíka fígọ̀ ní kíún, 1.1 ni ǹ bá kọ, ìyẹn ni pé ó lè jẹ́ ibikíbi láti 1.05 dé 1.15, ohun tí mo mọ̀ yóò sì ṣòfò. Ìwé ìdáhùn náà kọ 1.11, ó bọ́ sí i ni, nítorí òfin mẹ́ta-mẹ́ta ló ń tẹ̀ lé níbi gbogbo.

Apá tó kẹ́yìn ló bí mi nínú jù. Ìwé ìdáhùn yọ 7.87 kúrò nínú 7.96, ó rí 0.09, ó pín in fún 7.87, ó sì kọ ìpín 1.14 nínú ọgọ́rùn-ún. Fígọ̀ mẹ́ta láti inú 0.09 tó ní ẹyọ kan! Àní ẹyọ kan náà ti pọ̀ jù fún un. Èmi kò gé dẹ́ńsítì kúrú kí n tó yọ 7.87 kúrò, torí bí mo bá lo 8.0 níbẹ̀, ìyàtọ̀ yóò di 0.13, ìpín yóò sì fò lọ sí 1.7. Nọ́ńbà gígùn inú ẹ̀rọ ni mo fi ṣe é, mo rí 1.09, mo gé e sí 1. Mo kọ gbólóhùn kan sí i pé pẹ̀lú ife oníwọ̀n yìí, ìyàtọ̀ náà lè jẹ́ ohunkóhun láti ìpín 1.6 nísàlẹ̀ títí dé ìpín 4 lókè, nítorí náà a kò lè sọ pé irin yìí yàtọ̀ sí 7.87. Ìlà pupa ni wọ́n fà sórí gbólóhùn yẹn.

Nígbà tí mo kó gbogbo èyí kalẹ̀ lórí ìwé, pẹ̀lú 7.74 àti 8.18 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni náà kà á, ó tún un kà. Ó dá máàkì dẹ́ńsítì padà fún mi. Ti ìpín nínú ọgọ́rùn-ún ni kò dá padà, ó ní ìwé ìdáhùn ti jáde, òun kò lè yí i. Mi ò gbà, mo sì sọ fún un.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé bí mo bá ti yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú òmíràn, mo máa ń fa ìlà sábẹ́ fígọ̀ tó gbẹ̀yìn tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé, kí n tó tẹ ohunkóhun mìíràn. Mo ń gbé nọ́ńbà gígùn lọ nínú ẹ̀rọ, ìlà náà ló ń rán mi létí ibi tí mo ti máa gé e nígbẹ̀yìn. Bí ó bá sì jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ wọn irin náà fúnra mi, mi ò ní dààmú lórí òṣùwọ̀n tó ń kà dé ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Bí 28.64 bá di 28.65, dẹ́ńsítì kò ní yí ju nǹkan bí 0.003 lọ. Omi ni ìṣòro wà. Àádọ́ta bọ́ọ̀lù ni màá kó sínú ife náà dípò márùn-ún: omi yóò gòkè ní nǹkan bíi mílílítà 36.0, ìyàtọ̀ náà yóò ní fígọ̀ mẹ́ta, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ fígọ̀ mẹ́ta fún dẹ́ńsítì nígbà náà, ó tọ́ sí i.