Ẹ Yé Dá Pọ́ǹpù Lẹ́bi: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Ẹ́ńjìnnì Kọ́mọ̀n Réèlì

Láàárín oṣù kan ṣoṣo, ẹni mẹ́ta ló gbé pọ́ǹpù tí nǹkan kan kò ṣe wá bá mi, pé kí n bá wọn wo ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Gbogbo wọn ti ra òmíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ọkọ̀ wọn kò sì yé ṣàìsàn. Ó ń dùn mí, nítorí owó ńlá ni, àyẹ̀wò tí kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ ni ì bá sì gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́n dáadáa nínú dísẹ́lì àtijọ́, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ kan kọ́mọ̀n réèlì, ni mo ń bá wí.

Àkọ́kọ́: ẹ má ṣe tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wá sílíńdà tó rọ lórí ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Níbí, ìfúnpá epo inú páìpù náà máa ń tó nǹkan bí 300 báà nígbà tí ọkọ̀ kàn dúró tó ń mí, ó sì lè dé 1,600 tàbí 2,000 báà nígbà tó bá ń fa ẹrù. Epo tó bá gba ojú ihò tíntín jáde á gún awọ ara bí abẹ́rẹ́. Ojú ọgbẹ́ náà kì í tó nǹkan, ó sì lè má dunni púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n epo ti tàn ká abẹ́ awọ, ó ń ba ẹran ara jẹ́. Kí onítọ̀hún gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, kó sì sọ fún dókítà pé epo tí ẹ̀rọ tì pẹ̀lú agbára ló wọ òun lára, nítorí iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa fi ń yọ ọ́.

Èkejì: ẹ má ṣe fi aṣọ tó ń ya òwú nu ẹnu páìpù.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù yìí. Kí ẹ tó mọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń wọn epo. Nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, pọ́ǹpù ló ń ti epo, òun náà ló ń wọ̀n ọ́n, òun ló tún ń pín in fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan lásìkò rẹ̀. Kọ́mọ̀n réèlì ti pín iṣẹ́ náà. Pọ́ǹpù kàn ń ti epo sínú réèlì ni, ìyẹn páìpù irin tó nípọn tí gbogbo nọ́sù ti ń mu. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lórí réèlì á máa sọ fún kọ̀ǹpútà bí ìfúnpá ṣe tó, kọ̀ǹpútà á sì máa fi fáàfù ṣe àtúnṣe kó lè wà níbi tó fẹ́. Nọ́sù ló ń wọn epo. Iye tó ń jáde dá lórí nǹkan méjì: bí ìfúnpá inú réèlì ṣe tó, àti bí nọ́sù ṣe pẹ́ tó kó tó padé. Tí ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, kì í sábà ju ìpín kan tàbí méjì lọ tó fi ń ṣí. Nígbà tí ọkọ̀ kékeré bá dúró tó ń mí, epo tí nọ́sù kan ń fọ́n lẹ́ẹ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ẹ̀kán omi kan lọ.

Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà lórí nọ́sù kò lè dá gbé abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sókè lábẹ́ irú ìfúnpá bẹ́ẹ̀. Epo fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣí i. Bí epo bá ti réèlì dé, ó yà sọ́nà méjì: apá kan lọ sí ìdí abẹ́rẹ́, apá kejì wọ yàrá kékeré kan tó wà lókè abẹ́rẹ́. Ìfúnpá méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n ojú tí tòkè ń tẹ̀ fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, sípíríǹgì sì ń ràn án lọ́wọ́, nítorí náà abẹ́rẹ́ kò ní ṣí. Tí kọ̀ǹpútà bá rán iná wá, mágínẹ́ẹ̀tì á jẹ́ kí bọ́ọ̀lù irin kékeré kan kúrò lójú ihò yàrá náà. Epo inú yàrá á sá jáde sí ọ̀nà ìpadà, agbára òkè á dín kù, ti ìsàlẹ̀ á ti abẹ́rẹ́ sókè, nọ́sù á sì fọ́n epo. Bí iná bá ti kúrò, bọ́ọ̀lù á dí ihò, yàrá á kún padà, abẹ́rẹ́ á sì padé.

Nítorí náà, epo díẹ̀ tó ń padà sí táǹkì láti ara nọ́sù kì í ṣe àrùn. Àrùn ni tí omi tàbí ìdọ̀tí inú epo bá ti jẹ ibi tí bọ́ọ̀lù náà ń jókòó lé. Láti ìgbà náà lọ, epo á máa sá lọ ní gbogbo ìgbà, yálà nọ́sù ń fọ́n tàbí kò fọ́n. Sikánà á kọ P0087, pé ìfúnpá réèlì kò tó, ẹni tó kà á á sì ní pọ́ǹpù ti kú.

Ọkọ̀ sílíńdà mẹ́rin kan dé ọ̀dọ̀ mi báyìí. Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló ń jí. Tó bá ti gbóná, tí wọ́n pa á díẹ̀, sítátà á yí títí á fi rẹ bátìrì. Ẹni tó ni ọkọ̀ ti pààrọ̀ pọ́ǹpù àti fílítà. Mo so sikánà mọ́ ọn, mo ní kí wọ́n yí i: 250 báà ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà ń retí kó tó fún àwọn nọ́sù níná, 110 péré ló ń rí. Mo wá ki rọ́bà funfun sí ẹnu ìpadà nọ́sù kọ̀ọ̀kan, mo darí wọn sínú ìgò mẹ́rin. Nígbà tó jàjà jí, mo jẹ́ kó mí fún ìṣẹ́jú méjì. Ìgò mẹ́ta gba nǹkan bí 20 mílílítà lọ́kọ̀ọ̀kan, ti sílíńdà kẹta súnmọ́ 90.

N kò tíì dá ẹjọ́. Mo pa á, mo dúró títí sikánà fi fi hàn pé ìfúnpá ti lọ tán, mo yọ páìpù nọ́sù kẹta kúrò lára réèlì, mo sì fi ìdérí irin tí wọ́n ṣe fún réèlì dí ojú ibẹ̀ pa. Bí wọ́n ṣe yí i ní gbígbóná rẹ̀, ìfúnpá fò kọjá 300, ó sì fi sílíńdà mẹ́ta jí.

Kí ló dé tó fi ń jí láàárọ̀? Dísẹ́lì tútù ki, kì í tètè jò. Tó bá gbóná, á ṣàn. Sítátà sì ń yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, epo tí pọ́ǹpù ń tì kò pọ̀, jíjò náà sì ń gbé e mì. Lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pọ́ǹpù ń tì ju ohun tó ń jò lọ, a ò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ má ṣe tìtorí pé ọkọ̀ ń sáré dáadáa sọ pé ara nọ́sù le.

Tí ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, tí wọ́n sì kéré, tí ìfúnpá kò tún gòkè, ẹ kọ́kọ́ wo fílítà àti afẹ́fẹ́ nínú rọ́bà tó ń gbé epo wá, kí ẹ wo àwọn fáàfù pẹ̀lú, kí ẹ tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí irin wínníwínní tó ń dán nínú fílítà tàbí lẹ́nu fáàfù pọ́ǹpù, òun gan-an ló ń jẹ ara rẹ̀. Pípààrọ̀ òun nìkan kò ní tó nígbà náà, nítorí irin yẹn ti dé inú réèlì àti nọ́sù.

Wáṣà bàbà ìdí nọ́sù, tuntun ni kí ẹ máa lò nígbà gbogbo.

Òmíràn ni kóòdù. Nọ́sù méjì kò bára dọ́gba pátápátá, torí ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí i lórí. Inú kọ̀ǹpútà ló yẹ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, kó lè mọ iye tó yẹ kó fi kún àkókò ìṣí nọ́sù náà tàbí kó yọ kúrò. Ọmọ iṣẹ́ mi ló de nọ́sù tuntun mọ́ ọkọ̀ yẹn, kò tẹ kóòdù. Ọkọ̀ jí, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n, ó sì ń kàn gbàgà gbàgà lórí ìdúró. Ó sáré wá bá mi: “Ọ̀gá, àbí pọ́ǹpù ni?” Mo ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sórí nọ́sù náà fún mi, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. A tún ki rọ́bà bọ ìgò: nǹkan bí 20 mílílítà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.