Pátáànì Fóònù Ti Di Ìgbàgbé? Ẹ Má Tíì Pa Á

Bí pátáànì bá ti fò wá lórí, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe ni pé ká pa fóònù, ká tún un tàn, bóyá orí rẹ̀ á wálé. Ibẹ̀ gan-an ni ohun tó wà nínú fóònù ti ń ṣòfò. Fóònù Android tí ẹ ti ṣí lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà tó ti tàn ṣì lè gba ìka yín. Tí ẹ bá pa á tí ẹ tún un tàn, kò ní ka ìka kankan sí títí ẹ ó fi ya pátáànì. Torí náà, ẹ gbé e sórí ṣájà, kí bátìrì má baà pa á fún yín.

Ẹ tún má jókòó máa ya pátáànì tó bá wá sọ́kàn. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí ẹ bá ṣì í, yóò ní kí ẹ dúró, ó sì lè ti ìka náà pa nígbà yẹn. Ìka ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Ẹ nu ọwọ́ yín gbẹ kí ẹ tó fi kàn án.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àǹtí mi nìyí. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ní aago mẹ́jọ, ló yí pátáànì rẹ̀ padà torí àwọn ọmọ. Láàárọ̀ Sátidé, kò rántí mọ́. Ó ti ṣì í lẹ́ẹ̀mejì kó tó pè mí, mo sì ní kó gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Ìka rẹ̀ ṣí i. Ṣùgbọ́n ìka kò lè yí pátáànì padà, torí fóònù á kọ́kọ́ béèrè ti tẹ́lẹ̀. Bákan náà, tí wákàtí 72 bá ti pé láti ìgbà tí ẹ ti fi pátáànì ṣí i kẹ́yìn, fóònù á béèrè rẹ̀ dandan. Ti àǹtí mi máa pé ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ajé. Ìgbà tí a fi máa kó ẹrù inú rẹ̀ jáde nìyẹn, torí tí pátáànì kò bá wá sọ́kàn, a ní láti nu fóònù, gbogbo inú rẹ̀ á sì lọ.

Wọ́ọ̀sáàpù la kọ́kọ́ mú: Settings, Chats, Chat backup, Back up. A dúró títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà, a fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, a yan File transfer, a da fódà DCIM, Pictures àti Download kọ. Nọ́ńbà àwọn ènìyàn ńkọ́? Ẹ wo contacts.google.com lórí ẹ̀rọ mìíràn. Èyí tí ẹ kò bá rí níbẹ̀, inú síìmù tàbí inú fóònù nìkan ló wà. Ti inú síìmù kò ní í bá fóònù parẹ́. Ti inú fóònù ni kí ẹ dà kọ.

Kí ẹ tó nu ohunkóhun, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán tó wà lókè, kí ẹ sì kọ ímeèlì tó bá jáde sínú ìwé. Ṣé ẹ mọ páàsìwọ́ọ̀dù rẹ̀? Tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ yí i padà nísinsìnyí tí fóònù ṣì ń ṣí, kí ẹ sì fún un ní wákàtí 24 kí ẹ tó nu fóònù. Lẹ́yìn nínù, fóònù á béèrè ímeèlì yẹn, tí ẹ kò bá ní i, ó ti di àwo lásán.

Ìgbà tí ẹrù bá ti jáde tán ni kí ẹ tó máa méfò. Ẹ di fóònù mú bí ẹ ṣe máa ń dì í mú, torí ọwọ́ a máa rántí ohun tí orí gbàgbé. Èyí tí kò bá tó ojú mẹ́rin, fóònù kì í kà á sí àṣìṣe.

Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ yọ káàdì mẹ́mórì, ẹ pa fóònù, lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ tẹ bọ́tìnnì ohùn ti òkè àti ti agbára pọ̀. Àwọn Samsung tuntun máa ń fẹ́ kí wáyà kọ̀ǹpútà wà lára wọn kí wọ́n tó gbà. Bọ́tìnnì ohùn ni ẹ ó fi rìn dé Wipe data/factory reset, ti agbára ni ẹ ó fi yàn án. Ẹni tó bá ní òun á fláàṣì rẹ̀ kí dátà má lọ, ẹ má gbà á gbọ́: pátáànì wà lára kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí dátà inú fóònù òde òní.

Tó bá jẹ́ iPhone tí iOS 17 tàbí èyí tó jù ú lọ wà lórí rẹ̀, tí ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yí nọ́ńbà tí ẹ fi ń ṣí i padà, ẹ tẹ Forgot Passcode?, ẹ wá Enter Previous Passcode. Títí wákàtí 72, ti àtijọ́ á ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú la nu ti àǹtí mi. Fọ́tò pé, Wọ́ọ̀sáàpù padà wá. Ohùn tó ti gbà sílẹ̀ nìkan ló lọ, torí a kò ṣí fódà Recordings wò.