Bí ìyàpa ọjọ́ iṣẹ́ méjì ṣe kúrò ní 7, tó di 5

Ilé kan ni: a ó ṣe ìpìlẹ̀, lẹ́yìn náà ògiri. Àpapọ̀ ìyàpa ọjọ́ iṣẹ́ méjèèjì, ìyẹn bí ọjọ́ gidi ṣe lè jìnnà tó sí iye ọjọ́ tí a ń retí, ń jáde ní 7, ó sì pọ̀ jù.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iye ọjọ́ mẹ́ta: O bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, M bó ṣe sábà máa ń rí, P bí nǹkan bá dojú rú. E ni ọjọ́ tí a ń retí, σ ni ìyàpa.

```
E = (O + 4M + P) / 6
σ = (P - O) / 6
```

Ìpìlẹ̀ jẹ́ 6, 9, 24: E rẹ̀ 11, σ rẹ̀ 3. Ògiri jẹ́ 8, 14, 32: E rẹ̀ 16, σ rẹ̀ 4.

E ṣeé rò pọ̀ tààrà, ọjọ́ 27. σ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ro 3 mọ́ 4 ń sọ pé bí ìpìlẹ̀ bá ti pẹ́, dandan ni kí ògiri náà pẹ́. Kọ́kọ́ fi σ kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí o tó rò wọ́n pọ̀, lẹ́yìn náà wá gbòǹgbò àpapọ̀ náà:

```
σ = √(3² + 4²) = √25 = 5
```

Èyí tọ̀nà bí ìdádúró iṣẹ́ kan kò bá kan èkejì. Bí òjò kan náà bá lè dá méjèèjì dúró, 5 ti kéré jù; àárín 5 sí 7 ni ìyàpa náà máa wà.